Owó Kan, Ọ́dà Kan: Ojúṣe Ẹni Tó Ń Gba Ìròyìn Ìsanwó

Àwọn tó ń tajà ní Ajara, lẹ́bàá Àgbádárìgì, ti mọ ọgbọ́n àwọn oníjìbìtì. Oníbàárà lè na fóònù rẹ̀ síwájú kó ní alẹ́ẹ̀tì ti wọlé, ọlọ́jà tó gbọ́n kò ní tú ọjà sílẹ̀ àfi tó bá yẹ àkáǹtì tirẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́jà kan náà bá gbé òróró àgbọn rẹ̀ lọ sórí ayélujára, ìkànnì tí wọ́n bá a kọ́ lè máa tú ọjà sílẹ̀ fún ìròyìn èyíkéyìí tó bá ṣáà ti sọ pé owó ti dé. Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó kọ́ ìkànnì náà ló sì yẹ kí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́rùn rẹ̀.

Oníbàárà á sanwó nípasẹ̀ iléeṣẹ́ bíi Paystack, tí Ṣọlá Akínladé àti Ezra Olúbi dá sílẹ̀ ní 2015, tí iléeṣẹ́ Stripe sì kéde ní 2020 pé òun rà. Bí owó bá ti wọlé, sáfà Paystack á fi ìròyìn kan ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tí ọlọ́jà ti yà sọ́tọ̀ lórí ìkànnì rẹ̀. Ìròyìn yìí ni àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń pè ní wẹ́búhúùkù. Ó máa ń ní orúkọ ìṣẹ̀lẹ̀ nínú, `charge.success`, ó máa ń ní `reference` tí wọ́n fi ń dá ìsanwó náà mọ̀, ó sì máa ń ní iye owó ní kọ́bọ̀, tí ₦18,000 á fi jẹ́ `1800000`. Gbangba ni àdírẹ́sì yẹn wà. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n lè jókòó sílé kó kọ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ sí i.

Ọ̀nà méjì ni nǹkan lè gbà bàjẹ́, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni oògùn wọn. Ẹlòmíì lè fi ìròyìn èké ránṣẹ́ lórúkọ Paystack. Paystack fúnra rẹ̀ náà sì lè fi ìròyìn òtítọ́ kan ṣoṣo ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ tó ń kọ́ ìkànnì máa ń tọ́jú ti àkọ́kọ́, wọ́n á sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Kò tíì parí. Ìbuwọ́lùwé tó wà lórí ìròyìn ẹlẹ́ẹ̀kejì jẹ́ ojúlówó bíi ti àkọ́kọ́, nítorí náà kò sí bí àyẹ̀wò ìbuwọ́lùwé ṣe lè dá a dúró.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi ìbuwọ́lùwé bẹ̀rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan wà láàárín Paystack àti ọlọ́jà, tí ẹlòmíì kò gbọdọ̀ mọ̀. Kí ìròyìn tó kúrò lọ́dọ̀ Paystack, wọ́n á fi kọ́kọ́rọ́ yìí àti gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìròyìn náà ṣe ìṣirò kan tó ń jẹ́ HMAC SHA512. Èsì rẹ̀, tí í ṣe ìbuwọ́lùwé náà, á jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 128 lápapọ̀, wọ́n á sì kọ ọ́ sórí ìròyìn lábẹ́ orúkọ `x-paystack-signature`. Sáfà ọlọ́jà á ṣe ìṣirò kan náà fúnra rẹ̀. Bí èsì méjèèjì bá bára mu, a jẹ́ pé ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ló kọ ọ́, àti pé kò sí ẹni tó yí nǹkan kan padà nínú rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ní èdè PHP, kò gùn rárá:

```php
$ara = file_get_contents('php://input');
$ami = $_SERVER['HTTP_X_PAYSTACK_SIGNATURE'] ?? '';
if (!hash_equals(hash_hmac('sha512', $ara, $kokoro), $ami)) {
    http_response_code(401);
    exit;
}
```

Ìlà àkọ́kọ́ ni wọ́n sábà máa ń ṣì ṣe. Ó ń mú ìròyìn náà gẹ́lẹ́ bó ṣe dé, kí ẹnikẹ́ni tó tú u. Àwọn kan máa ń tú u ná, wọ́n á wá fi `json_encode` tún un dì kí wọ́n tó ṣe ìṣirò. Ká ní obìnrin kan kọ orúkọ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù bó ṣe yẹ kí wọ́n kọ ọ́, Ṣọlá, tí orúkọ náà sì bá ìròyìn dé pẹ̀lú àmì rẹ̀ báyẹn. Bí PHP bá tún un dì, `\u1e62\u1ecdl\u00e1` ló máa kọ. Bí àdírẹ́sì ìkànnì bá wà nínú ìròyìn, PHP á tún fi `\` ṣíwájú gbogbo `/` tó wà nínú rẹ̀. Ìtumọ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n buwọ́ lù kọ́ nìyẹn mọ́, ìṣirò kò sì ní bára mu. Nígbà tí wọ́n ń dán ìkànnì wò, "Sola" lásán ni wọ́n kọ, gbogbo rẹ̀ sì lọ geere. Ọjọ́ tí Ṣọlá gidi sanwó ni sáfà lé ìròyìn rẹ̀ padà. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó kọ ètò, tí kò rí ìdí ọ̀rọ̀, lè yọ àyẹ̀wò náà kúrò pátápátá kí ariwo oníbàárà lè rọlẹ̀.

Àwọn kan sọ pé kò sídìí fún wàhálà yìí, níwọ̀n ìgbà tí Paystack ti kéde àdírẹ́sì IP mẹ́ta tí ìròyìn rẹ̀ ti ń wá. Ó dára kí wọ́n fi kún un, ṣùgbọ́n kò lè dípò ìbuwọ́lùwé. Ọ̀pọ̀ ìkànnì ló wà lẹ́yìn iléeṣẹ́ bíi Cloudflare, tó jẹ́ pé IP alágbàtà yìí ni sáfà ń rí. Láti mọ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á lọ ka `X-Forwarded-For`, ohun tí ẹni tó ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sì lè fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nìyẹn.

Ní ti ìròyìn tó ń pààrà, kò tọ́ kí a máa bá Paystack wí. Ohun tó ń retí ni kí sáfà ọlọ́jà dá a lóhùn pẹ̀lú `200`. Bí kò bá gbọ́ ọ, á tún un fi ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta fún ìgbà mẹ́rin, lẹ́yìn náà á máa fi ránṣẹ́ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan títí di wákàtí 72. Kò sí bó ṣe lè mọ̀ bóyá ìròyìn ni kò dé, tàbí ó dé tó jẹ́ pé èsì ló sọnù lọ́nà. Ọ̀kan náà ni méjèèjì lójú ẹni tó ń dúró de èsì. Bó bá dákẹ́, oníbàárà tó ti sanwó lè máà rí ọjà gbà.

Ká fi ọlọ́jà òróró àgbọn kan ní Ajara ṣe àpẹẹrẹ. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, oníbàárà kan ní Ìkòròdú san ₦18,000 fún kẹ́ẹ̀gì kan. Ìròyìn dé, sáfà kọ ọ́dà náà sílẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ímeèlì ránṣẹ́ sí oníbàárà kó tó dá Paystack lóhùn. Ẹ̀rọ tó ń gbé ímeèlì ń fà, Paystack dúró títí, ó sú u. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìròyìn náà tún dé, sáfà sì tún kọ ọ́dà mìíràn. Kẹ́ẹ̀gì méjì ló bọ́ sí ọwọ́ awakọ̀. Bí ímeèlì bá ń kùnà lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ ọ́dà ní gbogbo ìgbà, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni èyí á fi máa ṣẹlẹ̀. Ohun tí wọ́n máa fi mọ̀ ọ́n kò farasin: ìsanwó kan ṣoṣo ló wà lójú ìwé Paystack, `reference` rẹ̀ sì wà lórí ọ́dà méjì tàbí mẹ́ta nínú ìwé ọlọ́jà.

Oògùn tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni kí sáfà wò ó ná bóyá ọ́dà fún `reference` yẹn ti wà, kó tó kọ òmíràn. Kò tó. Oníbàárà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sanwó máa ń padà sí ojú ìwé ìdúpẹ́ ọlọ́jà, ojú ìwé yẹn náà sì máa ń béèrè lọ́wọ́ Paystack bóyá owó wọlé, kó tó kọ ọ́dà. Òun àti wẹ́búhúùkù lè dé ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Àwọn méjèèjì á wò, kò sí èyí tó máa rí ọ́dà, àwọn méjèèjì á sì kọ ọ́. Dátábéèsì fúnra rẹ̀ ló yẹ kó ṣe onídàájọ́. Kí wọ́n ṣe tábìlì kan tí orúkọ ìṣẹ̀lẹ̀ àti `reference` jẹ́ `PRIMARY KEY` rẹ̀ pa pọ̀, kí ọ̀nà méjèèjì sì gba ibẹ̀ kọjá. Ní PostgreSQL:

```sql
INSERT INTO iroyin_owo (isele, reference)
VALUES ('charge.success', 'AJ-2207')
ON CONFLICT DO NOTHING;
```

Ẹni tó kọ́kọ́ dé á gbọ́ `INSERT 0 1`, ó lè kọ ọ́dà. Ẹni tó dé ṣìkejì á gbọ́ `INSERT 0 0`, kó má fọwọ́ kan nǹkan kan, ṣùgbọ́n kó ṣì dá Paystack lóhùn pẹ̀lú `200`. Bó bá dáhùn pé àṣìṣe wà, ńṣe ni ìròyìn á tún máa bọ̀.

Ìlà yìí àti ọ́dà gbọ́dọ̀ wọlé pa pọ̀ láàárín `BEGIN` àti `COMMIT` kan náà. Bí ìlà bá wọlé tí ọ́dà kò wọlé, ìròyìn tó tún dé láti ṣàtúnṣe ni sáfà á pè ní àtúnsọ, oníbàárà á sì ti sanwó lásán. Èyí burú ju kẹ́ẹ̀gì méjì lọ. Ímeèlì àti ọ̀rọ̀ awakọ̀ lè dúró títí sáfà á fi dá Paystack lóhùn tán.

Àwọn kan máa ń pa àwọn ìlà wọ̀nyí rẹ́ lẹ́yìn oṣù kan kí dátábéèsì má bàa kún. Kò dára bẹ́ẹ̀. Stripe máa ń kọ àkókò mọ́ ohun tó ń buwọ́ lù, àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ sì máa ń lé ìròyìn tó bá ti ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ padà, àyàfi tí wọ́n bá yí i padà. Kò sí irú àkókò bẹ́ẹ̀ nínú ìbuwọ́lùwé Paystack. Ẹni tó bá jí ìròyìn àná nínú ìwé àkọsílẹ̀ sáfà lè fi ránṣẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, ìbuwọ́lùwé rẹ̀ á ṣì jẹ́ ojúlówó níwọ̀n ìgbà tí ọlọ́jà kò bá tíì pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ìlà yẹn nìkan ló lè dá a dúró, nítorí náà kó máa wà níbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ọ́dà bá wà.

Kí ọlọ́jà tó san ìyókù owó iṣẹ́ fún ẹni tó kọ́ ìkànnì, kó ní kí ó ṣe nǹkan mẹ́ta lójú òun. Kó fi ìròyìn kan náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀lé ara wọn, kí ọ́dà kan ṣoṣo sì jáde. Kó yí nọ́ńbà kan padà nínú iye owó láìyí ìbuwọ́lùwé, kí sáfà sì dáhùn `401`. Kó fi orúkọ tó ní àmì ohùn sanwó, kí ọ́dà rẹ̀ sì jáde bíi ti àwọn yòókù. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kùnà, kó má tíì sanwó.