Ohun Tí Ilé Ẹjọ́ Kò Sọ Nípa Ìdìbò ní Fayetteville

Ní oṣù Kínní ọdún 2015, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Atlanta dájọ́ kan tó kan gbogbo ẹni tó ń dìbò ní Fayetteville, olú-ìlú káúńtì Fayette ní ìpínlẹ̀ Georgia. Ìdájọ́ náà gùn, èdè agbẹjọ́rò ló sì kún inú rẹ̀. Ẹni tí kò ráyè kà á yóò gbára lé ẹni tó bá ké e kúrú fún un. Ẹni tó ń ké e kúrú yìí sì lè sọ ọ́ di nǹkan mìíràn láìmọ̀ọ́mọ̀ purọ́ rárá.

Ọdún 2011 ni ẹjọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ NAACP ti Georgia àti àwọn olùgbé kan pe ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso káúńtì lẹ́jọ́. Gbogbo káúńtì ló ń pawọ́ pọ̀ dìbò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ọmọ ìgbìmọ̀ márààrún. Àwọn dúdú tó bí ẹnì kan nínú márùn-ún, ṣùgbọ́n láti ọdún 1821 tí wọ́n ti dá káúńtì náà sílẹ̀, dúdú kankan kò tíì wọ ìgbìmọ̀ yẹn nípa ìbò. Ní 2013, Adájọ́ Timothy Batten gbà pé ìlànà náà tako apá kejì Òfin Ẹ̀tọ́ Ìdìbò ọdún 1965. Ó wo ìwé ẹ̀rí tí ìhà méjèèjì kó wá, ó sì dájọ́ láìsí ìgbẹ́jọ́ kíkún. Wọ́n wá pín káúńtì sí ẹkùn márùn-ún, Pota Coston sì wọlé láti ọ̀kan nínú wọn ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014. Òun ni dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn sí ìgbìmọ̀ náà. Oṣù méjì lẹ́yìn èyí ni kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìdájọ́ Batten.

Àkékúrú tó máa ń yá ènìyàn lẹ́nu níbi báyìí ni pé: “Kòtẹ́milọ́rùn ní ìlànà àtijọ́ bófin mu.” Ilé ẹjọ́ kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ ni pé ẹ̀rí ìhà méjèèjì ta kora, pé adájọ́ kò gbọdọ̀ gbé ọ̀kan lé ìwọ̀n ju èkejì lọ láìgbọ́ ẹjọ́ tán. Ó dá a padà kí wọ́n lọ gbọ́ ọ. Kò sọ pé ìlànà náà bófin mu, kò sì sọ pé kò bófin mu. Òǹkàwé ń béèrè ẹni tó borí, akékúrú sì fẹ́ dá a lóhùn. “Kò tíì” wá di ohun tí kò dára tó láti fi ṣe ìròyìn. Ibẹ̀ gan-an ni “kò” ti ń já bọ́, òun sì ni gbogbo ìdájọ́ náà dúró lé.

Olùṣe tún rọrùn láti pààrọ̀. Ẹnìkan á kọ pé, “Wọ́n fagi lé e, wọ́n sì dá a padà.” Batten ló da ìlànà ìdìbò nù, kòtẹ́milọ́rùn ló da ìdájọ́ Batten nù. Nígbà tí “wọ́n” kan bá gbé àwọn méjèèjì, ó máa dà bíi pé ilé ẹjọ́ kan náà ló tako ìlànà tó sì tún dá a padà fún káúńtì láti máa lò. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò, kí ó mú ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan, kí ó béèrè ta ló ṣe é, kí ó sì kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Àtúnsọ orúkọ kò dùn létí, ṣùgbọ́n ó sàn ju àṣìgbọ́ lọ.

Èyí tó burú jù nínú wọn ni àfikún, nítorí pé ó máa ń dà bí ọ̀rọ̀ olóye. “Batten dá àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ lẹ́bi pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ dí àwọn dúdú lọ́nà.” Ọ̀rọ̀ yìí kò sí nínú ìdájọ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún òfin náà ṣe ní 1982, àbájáde ìlànà ni apá kejì ń wò; kò pọn dandan kí olùpẹ̀jọ́ fi èrò ọkàn ẹnikẹ́ni hàn. Akékúrú mọ ìtàn Georgia, ó wá fi ìtàn tó mọ̀ dí àlàfo. Ìtàn náà lè jẹ́ òtítọ́ níbòmíràn, síbẹ̀ kò sí nínú ìwé tó wà níwájú rẹ̀. Gbólóhùn tí kò bá rí ìlà tó fi ìka tọ́ka sí nínú ìwé, kí ó yọ ọ́.

Bí àyè kò bá tó, ọdún àti iye ẹkùn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yọ, kì í ṣe “kò”. Gbólóhùn mẹ́ta tó: Adájọ́ Batten dá ìlànà ìdìbò káúńtì Fayette lẹ́bi láìsí ìgbẹ́jọ́ kíkún. Kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìdájọ́ Batten, ó sì ní kí wọ́n lọ gbọ́ ẹjọ́ náà. Kòtẹ́milọ́rùn kò pinnu bóyá ìlànà náà bófin mu. Ní ti ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀, ìgbẹ́jọ́ kíkún kò wáyé mọ́, nítorí ìhà méjèèjì ṣe àdéhùn ní oṣù Kínní ọdún 2016: ẹkùn mẹ́rin, pẹ̀lú ìjókòó kan tí gbogbo káúńtì yóò máa dìbò fún.