Garawa tó ń ti Jabi lọ sọ́gbà ẹlẹ́dẹ̀

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí lórí ibà ẹlẹ́dẹ̀: àlejò tó ń wọ ọgbà, àjẹkù oúnjẹ, àti kíkó ẹran kiri. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé àjẹkù ló máa ń bí mi nínú jù. Mo ti sọ ọ́ rí, mo tún ń sọ ọ́: àrùn yìí kò ní ẹsẹ̀, èèyàn ló ń gbé e rìn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn ilé oúnjẹ kan ní Jabi, mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbé garawa mẹ́rin sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ẹ̀bà wà níbẹ̀, ìrẹsì, egungun, àti awọ ẹlẹ́dẹ̀ tútù tí wọ́n gé sọnù kí wọ́n tó sun ẹran. Mo bi í bóyá ó máa ń sè é kó tó dà á fún ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó ti jinná kí wọ́n tó jẹ ẹ́.”

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Awọ tí mo fojú ara mi rí kò kan iná rí. Omi tí wọ́n fi ṣan ẹran wà nínú garawa yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ orí pákó tí wọ́n fi ń gé e. Bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n pa bá ní ibà náà, fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ lè wà láàyè nínú ẹran inú fíríìsà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Kì í mú èèyàn, nítorí náà ẹni tó jẹ ẹran náà kò ní fura rárá. Báyìí ni ibà náà ṣe ti Áfíríkà dé ilẹ̀ Pọ́túgà lọ́dún 1957: àjẹkù inú ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n kó fún ẹlẹ́dẹ̀ nítòsí Lisbon.

Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó ní kò burú, òun á máa gbé e kaná títí á fi hó. Híhó nìkan kò tó! Ohun tí àjọ àgbáyé fún ìlera ẹranko là sílẹ̀ ni pé kí ooru rẹ̀ tó 90 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún 60 ìṣẹ́jú, kí a máa rò ó láìdáwọ́ dúró. Ẹ̀bà tó dì lè tutù nínú nígbà tí omi ń hó yí i ká. Ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́, ẹ gé ẹran inú rẹ̀ kéékèèké, ẹ má ka ìṣẹ́jú kankan àfi tí gbogbo rẹ̀ bá ti gbóná dé inú. Garawa tó gbé tútù wá kò sì gbọdọ̀ gbé jíjinná lọ sílé ẹran. Ẹni tí kò bá ní igi ìdáná wákàtí kan lójoojúmọ́, kó fi àjẹkù sílẹ̀, kó máa fún wọn ní èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ àti eèrí.

Àbúrò bàbá mi ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn lọ́dún 1997, ọdún tí ibà yìí gba ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wọ Nàìjíríà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, abo kan kò dìde wá jẹun. Etí rẹ̀ pọ́n, ara rẹ̀ ń jó bí iná. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ kan náà gún àwọn yòókù. Nígbà tí méjì kú, wọ́n ránṣẹ́ pe alápatà kí ìyókù tó kú. Alápatà náà ti ọgbà ẹlòmíràn bọ̀, ẹrẹ̀ ibẹ̀ ṣì wà lára bàtà rẹ̀. Ó wọlé tààrà, ó ń fọwọ́ kan ẹran wò. Èmi ni mo bá wọn di ẹran sínú ọkọ̀, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí mo ṣèlérí ti di ọ̀kan. Alápatà yẹn ni àlejò, ọkọ̀ yẹn ni ó kó ẹran kiri, ilé oúnjẹ ni ẹran náà ń lọ, awọ rẹ̀ yóò sì bá garawa padà sọ́gbà. Àrùn náà lè lúgọ tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó hàn, nítorí náà ẹlẹ́dẹ̀ tí ẹ rà tó ń jẹun dáadáa kì í ṣe ẹ̀rí kankan. Ẹ yà á sọ́tọ̀ fún 30 ọjọ́, títí kan akọ tí ẹ yá fún gígùn.

Mo sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin Jabi náà pé ẹnu ọ̀nà ni kí alápatà ti máa gba ẹran. Bí ọ̀kan bá kọ oúnjẹ, tí ara rẹ̀ sì gbóná, kó ti ọgbà pa, kó má ta ìkankan, kó pe dókítà ẹranko kí wọ́n lè fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ibùdó ìwádìí ní Vom. Kò sí oògùn tó ń wò ó. Ó bi mí pé ta ni yóò san owó ẹran òun. N kò rí èsì fún un, ìyẹn sì ni ìbéèrè tó yẹ kí ìjọba dáhùn.

Ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó tan kẹ̀kẹ́. Garawa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan ń jò sójú títì.