Orúkọ Kéèkì Ọdún

Ìyá kan tí ń ṣe búrẹ́dì àti kéèkì tà ní Apọ́ngbọ̀n, l'Ékòó, kọ̀wé sí wa pé kí a bá òun wá orúkọ sí àwọn kéèkì ọdún òun. Ó ní bí Kérésìmesì bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn oníbàárà a kàn máa nàka sí ara gíláàsì pé, "Ẹ fún mi ní èyí, rárá o, ìyẹn." Ẹni tó bá sì pè lórí tẹlifóònù ńkọ́? Kò rí ibi tí yóò nàka sí.

Ìyá wa, àdúgbò yín gan-an ti dáhùn. Ní 1861, òyìnbó tó ṣe adelé gómìnà Èkó, Ọ̀gbẹ́ni Wílíámù Makọ́sìkìrì, ní irùngbọ̀n pupa. Àwọn ará Èkó kò bá orúkọ rẹ̀ jìjàkadì rárá. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n pè é: Apọ́ngbọ̀n. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí kéèkì.

Kéèkì eléso ti Kérésìmesì, tí ṣúgà jíjó sọ di dúdú, ẹ pè é ní Adúmáadán. Ọmọ kékeré tí a bá rán níṣẹ́ kò ní ṣì í pè. Ṣùgbọ́n orúkọ náà di ẹrù sí yín lọ́rùn o! Bí ṣúgà kò bá jó tó, tí kéèkì sì jáde ní pupa rúsúrúsú, ẹ fi orúkọ mìíràn tà á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Ẹ ní kéèkì tí a fi àgbọn ṣe, ẹ tún ní èyí tí a tò sínú agbọ̀n fún ẹni tó fẹ́ fi tọrẹ. Alágbọn ni ọ̀kan, Alágbọ̀n ni èkejì. Bí a bá kọ wọ́n láìfi àmì sí i, ọ̀kan náà ni wọ́n. Nínú ariwo mọ́tò Apọ́ngbọ̀n, etí pàápàá lè ṣì wọ́n gbọ́, ẹni tó sanwó odindi agbọ̀n yóò sì gba ègé kan. Ẹ jẹ́ kí ti àgbọn máa jẹ́ Alágbọn, kí ti inú agbọ̀n máa jẹ́ Alápẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó tẹ orúkọ sórí páálí, ẹ ní kí ọmọ iṣẹ́ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí èkejì máa pè wọ́n láti inú ilé. Èyí tó bá ṣì gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ pa á tì.

Ẹ má sì pe ohunkóhun ní "Kéèkì Ọdún". Ọdún wo? Ní Oṣù Kejìlá 2000, ọjọ́ díẹ̀ péré ló wà láàárín Kérésìmesì àti Ìtúnu Ààwẹ̀. Ọdún Mùsùlùmí a sì máa fi bí ọjọ́ 11 ṣíwájú lọ́dọọdún, nítorí náà orúkọ tí a so mọ́ oṣù òyìnbó kò ní bá a rìn. Ẹ fi orúkọ kéèkì ṣáájú, kí ọdún tẹ̀lé e nínú ìwé yín: "Adúmáadán méjì, ti Kérésìmesì, Alápẹ̀rẹ̀ kan, ti Iléyá."