Òwò Tó Kógbá Sílé: Kí Ni Kí Olùdásílẹ̀ Kọ Nípa Rẹ̀?

Ẹni tó bá ń wá owó tí yóò fi dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ kò lè ṣàì kọ ìtàn ṣókí nípa ara rẹ̀ fún àwọn olùdókòwò. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń há sí ẹni tí òwò rẹ̀ àkọ́kọ́ ti kógbá sílé lọ́nà ọ̀fun. Àwọn kan a fo ọ̀rọ̀ náà dá, bí ẹni pé wọn kò gbé ayé ní ọdún wọ̀nyẹn. Àwọn mìíràn, tí wọ́n ti gbọ́ pé ìkùnà ti di ohun àmúyangàn, a kọ ọ́ bí ẹni ń ka oríkì ara rẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀nà méjèèjì kò tọ́. Òwò tó kú kì í ṣe àbùkù, kì í sì í ṣe oyè. Ẹ̀rí ni, ẹ̀rí sì gbọ́dọ̀ ṣeé yẹ̀ wò.

Àwọn tó ń fi ìkùnà yangàn sábà máa ń dárúkọ Jason Njoku, ọ̀kan nínú àwọn tó dá iROKOtv sílẹ̀. Òótọ́ ni pé ìwé ìròyìn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jẹ́ Brash, tó dá sílẹ̀ ní ìlú Manchester, kógbá sílé. Àmọ́ àṣeyọrí tó tẹ̀lé e ló mú kí ìtàn náà dùn ún gbọ́. Àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Harvard ṣe ìwádìí lórí àwọn ilé-iṣẹ́ tí àwọn olùdókòwò fi owó ràn lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé nínú 100 olùdásílẹ̀ tó ti yege rí, nǹkan bí 30 ló tún yege. Láàárín àwọn tí kò dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ rí, 18 ni. Láàárín àwọn tó ti kùnà rí, 20 péré ni. Ìṣubú nìkan, nígbà náà, kò fi bẹ́ẹ̀ kọ́ni lọ́gbọ́n. Àwọn baba wa ti sọ ọ́: bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ohun tí ẹni náà rí nígbà tó wo ẹ̀yìn ni olùdókòwò ń wá.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan tí mo gbé kalẹ̀ fúnra mi ṣe àlàyé. Obìnrin kan ní ilé búrẹ́dì ní Òṣogbo. Bí ó bá kọ ọ́ pé òun ní ìrírí tó jinlẹ̀ nínú òwò oúnjẹ, kò tíì sọ nǹkan kan. Bí ó bá ní ìjọba ló pa òwò òun, olùkàwé yóò bi í pé kí ló dé tí ilé búrẹ́dì kejì ládùúgbò náà kò kú. Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí:

“Láti 2019 sí 2023, mo ní ilé búrẹ́dì tó ní òṣìṣẹ́ 12 ní Òṣogbo. Owó ọwọ́ ni a fi ń ra ìyẹ̀fun, àwìn ọjọ́ 14 sì ni a fi ń ta búrẹ́dì. Nígbà tí ìyẹ̀fun gbówó lórí ní 2022, owó búrẹ́dì tí a gbà kò tó ra ìyẹ̀fun tó kàn mọ́. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń tà láwìn lọ kí n tó dá a dúró. A san owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́, mo sì san gbèsè ìyẹ̀fun díẹ̀díẹ̀ tán. Nínú òwò tuntun yìí, ọjà kò ní jáde láìgba owó.”

Ọdún, iye òṣìṣẹ́ àti ìdí tí òwò fi dẹnu kọlẹ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀wọ́n ìyẹ̀fun kò sí níkàáwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwìn wà níkàáwọ́ rẹ̀, ó sì sọ ọ́. Ó sọ bí ó ṣe ti ilẹ̀kùn láìjẹ ẹnikẹ́ni lówó. Gbólóhùn ìkẹyìn ló ṣe pàtàkì jù: ó fi hàn pé ẹ̀kọ́ náà ti di ìlànà. Bí gbèsè bá ṣì kù, kí ó kọ iye tó kù.

Ó yẹ kí a rántí pé irọ́ kò ní ibi ìsápamọ́ sí mọ́. Ẹnikẹ́ni lè wá orúkọ ilé-iṣẹ́ lórí ìkànnì CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Bí olùdásílẹ̀ bá kàn ti ilẹ̀kùn láìfi ìwé àbọ̀ ọdọọdún ránṣẹ́, INACTIVE ni yóò hàn níwájú orúkọ náà. Ọ̀rọ̀ yẹn kò túmọ̀ sí pé a ti pa ilé-iṣẹ́ náà rẹ́ lábẹ́ òfin. Ó ṣì wà nínú ìwé. Ẹni tó kọ ọ́ pé òun ta ilé-iṣẹ́ òun, nígbà tó jẹ́ pé ńṣe ló fi sílẹ̀, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó fi ìwé yín ránṣẹ́, ẹ kà á bí ẹni pé ẹni tó ta ìyẹ̀fun fún yín láwìn nígbà náà ló ń kà á. Bí òun náà bá lè sọ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí, ẹ fi ránṣẹ́.