Ẹ Bèèrè Àwòrán Ẹ̀gbẹ́ Fóònù Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹni tó bá ti ra fóònù tòkunbọ̀ lórí WhatsApp rí mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwòrán ẹ̀yìn fóònù ni wọn yóò kọ́kọ́ fi ránṣẹ́: kámẹ́rà mẹ́ta ń dán yinrin, àmì èso ápù tí wọ́n bù jẹ wà láàárín, wọ́n á wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé iPhone 13 Pro ni. Iye tí wọ́n dá lé e á wálẹ̀ díẹ̀ sí iye ọjà, kò ní wálẹ̀ débi tí ara á fi fu èèyàn. Èrò tèmi ni pé àwòrán yẹn, bó ti wù kó mọ́ tó, kò tíì jẹ́rìí kankan. Ẹ̀yìn ni ibi tó rọrùn jù lọ láti pààrọ̀ lára fóònù. Ẹ̀gbẹ́ àti ojú rẹ̀ ló máa ń tú àṣírí, àwọn wọ̀nyí gan-an sì ni òǹtajà kì í yára yà.

Ohun tó fà á nìyí. Ní ọdún 2018 ni ilé-iṣẹ́ Apple gbé iPhone XR jáde. Kámẹ́rà kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì rí roboto. Ní ọdún 2021 ni 13 Pro dé, ó ní kámẹ́rà mẹ́ta, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ bíi pátákó tí wọ́n fá. Àwọn kan wá ń ṣe ara fóònù lásán, tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe ń pè ní háósìn, tó jọ ti 13 Pro lójú ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ gba ẹ̀rọ XR. Wọn á tú XR, wọn á kó ohun inú rẹ̀ sínú háósìn yìí, ó di XR tí wọ́n kọ́ńfáàtì. Nínú ojú kámẹ́rà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹyọ kan ló ń ríran. Méjì tó kù jẹ́ dígí lásán.

Ẹ jẹ́ ká wá mú irú fóònù bẹ́ẹ̀ ká yẹ̀ ẹ́ wò nínú àwòrán. Kámẹ́rà ojúlówó 13 Pro tóbi débi pé díẹ̀ ló kù kí wọ́n kún orígun mẹ́rin tí wọ́n jókòó sí. Iná fíláàṣì wà lókè níbẹ̀, lápá ọ̀tún. Ojú dúdú kékeré kan tí fóònù fi ń wọn bí nǹkan ṣe jìnnà sí i wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Háósìn tó dára lè fara wé gbogbo èyí, ìdí nìyẹn tí n kò fi gbára lé e. Ẹ wá yí ojú sí ẹ̀gbẹ́. Láti orí iPhone 12 títí dé 13 Pro, ẹ̀gbẹ́ òsì ni ilé síìmù wà, nísàlẹ̀ àwọn bọ́tìnì tí a fi ń gbé ohùn sókè tí a sì fi ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ti XR wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, nísàlẹ̀ bọ́tìnì tí a fi ń tan fóònù. Ibi tí síìmù ń wọ̀ sí so mọ́ pátákó ẹ̀rọ inú fóònù, nítorí náà ẹni tó ń kọ́ńfáàtì kò lè kàn gbé e sọdá. Háósìn ni yóò gbà fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kò ní gbà fún háósìn. Bí wọ́n bá pè é ní 13 Pro, tí ẹ sì rí ilé síìmù lápá ọ̀tún, ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀.

Ojú fóònù ni ẹlẹ́rìí kejì, kí wọ́n sáà tàn án kí wọ́n tó yà á. Etí dúdú tó yí sikíríìnì XR ká nípọn ju ti 13 Pro lọ dáadáa. Ibi dúdú tó ya wọ sikíríìnì láti òkè fẹ̀ lára XR, ihò tí a ti ń gbọ́ ohùn wà láàárín rẹ̀, kámẹ́rà iwájú sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún ihò náà. Lára 13 Pro, ibi dúdú yẹn ti dín, wọ́n ti ti ihò ohùn lọ sí etí òkè pátápátá, kámẹ́rà sì ti bọ́ sápá òsì. Wọ́n lè yí ẹ̀yìn padà tán, kámẹ́rà iwájú á ṣì wà níbi tó wà láti ọdún 2018.

Ẹnìkan lè ní àwòrán máa ń yí ọ̀tún sí òsì. Òótọ́ ni, pàápàá èyí tí wọ́n yà nínú dígí. Bákan náà, bí ẹ̀yìn fóònù bá kọ sí wa, bọ́tìnì ohùn tó wà lápá òsì yóò hàn lápá ọ̀tún, ọ̀pọ̀ ló sì ti tipa bẹ́ẹ̀ ṣi ojúlówó pè ní ayédèrú. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ wo bọ́tìnì dípò ọwọ́: bí ilé síìmù bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú bọ́tìnì méjì ti ohùn, ó bá 13 Pro mu. Bó bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú bọ́tìnì kan ṣoṣo tí a fi ń tàn án, XR ni, dígí ì báà yí àwòrán náà nígbà ogún.

Àwọn mìíràn á ní kí la ń wo bọ́tìnì sí, nígbà tí orúkọ fóònù wà nínú Settings, ní General, ní About. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, òun ló sì lágbára jù bí fóònù bá wà lọ́wọ́ yín. Àmọ́ àwòrán About tí wọ́n fi ránṣẹ́ lè jẹ́ ti fóònù mìíràn. Ẹ ní kí wọ́n ya ojú ìwé náà pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ fóònù nínú àwòrán kan náà, kí bébà tí wọ́n kọ ọjọ́ òní sí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ní àwọn kò fẹ́ yọ pọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ẹ rántí pé XR fi bíi mílímítà mẹ́rin gùn ju 13 Pro lọ, ó sì fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ jù ú. Pọ́ọ̀ṣì 13 Pro kò lè gba XR tí wọ́n kọ́ńfáàtì.

Mo gbà pé àwòrán ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. iPhone 13 àti 14 jọra débi pé, lójú lásán, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí wọn. About ni kí ẹ lọ wò. Mo sì gbà pé kíkọ́ńfáàtì fúnra rẹ̀ kì í ṣe olè, bí òǹtajà bá là á mọ́lẹ̀, tó sì gba owó XR. Ohun tí ẹ̀ ń rà nígbà náà ni ẹ̀rọ ọdún 2018 tí iOS 26 ti ọdún 2025 kò gbà mọ́, nínú ara tí kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé omi kò ní wọ̀.

Bí wọ́n bá fi ẹ̀yìn fóònù ránṣẹ́ sí yín lónìí, ẹ dá wọn lóhùn pé ó dára, kí wọ́n ya ẹ̀gbẹ́ tó ní bọ́tìnì kan ṣoṣo wá.