Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Àtòjọ Fídíò Lórúkọ

Ọ̀rọ̀ wa tòní dá lórí iṣẹ́ tí púpọ̀ nínú wa ń ṣe. A ń gba ohùn àti àwòrán sílẹ̀ ní òkè ilẹ̀ Kétu ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, a ń gbé wọn sórí YouTube, a sì ń tò wọ́n jọ sínú ohun tí ẹ̀rọ ń pè ní Playlist, èyí tí a ó máa pè ní àtòjọ fídíò níhìn-ín. Tí ó bá wá kan àkọlé, ẹnì kan á kọ "Kétu 1", ẹlòmíràn á kọ "Iṣẹ́ pápá", wọ́n á sì fi àyè àlàyé sílẹ̀ lófìfo. Ta ni yóò wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí?

Àtòjọ fídíò ní ojú ewé tirẹ̀. Àlejò tí kò mọ̀ wá rí lè ti orí Google bọ́ sí ojú ewé náà tààrà, láìkọ́kọ́ wo fídíò kankan. Ohun tí ẹ̀rọ ìwádìí rí kà níbẹ̀ kò pọ̀: àkọlé, àlàyé, àti orúkọ àwọn fídíò tó wà nínú rẹ̀. Ní tiwa, a gbà pé ẹni tí kò mọ̀ wá ni kí a kọ àkọlé náà fún, kì í ṣe ẹni tí a jọ lọ sí pápá.

Ẹ wo orúkọ ìlú náà fúnra rẹ̀. Kétu ti Aláketu wà ní ẹkùn Plateau ní Bẹ̀nẹ̀. Kétu mìíràn wà ní Èkó, lẹ́bàá Máìlì 12. Ketu South wà ní orílẹ̀-èdè Gánà. Ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, Ketu ni orúkọ ẹ̀yà kan nínú ẹ̀sìn Kandomblé. Ẹni tó bá kọ "Ketu" nìkan ti sọ iṣẹ́ rẹ̀ sínú ọjà mẹ́rin. Orúkọ orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má kọ "kì í ṣe Ketu ti Èkó" sínú àlàyé o. Ọ̀rọ̀ náà "Èkó" ni ẹ̀rọ yóò rí, ó sì lè mú ẹni tó ń wá Èkó wá bá yín. Ibi tí ẹ wà ni kí ẹ sọ. Ẹ fi ibi tí ẹ kò sí sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ sípẹ́lì ló kàn, ibẹ̀ sì ni ìmọ̀ tiwa ti wúlò jù. Àwa ń kọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ẹni tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Faransé ń kọ Guèlèdè, ó sì ń pe ìlú náà ní Kétou. Ẹni tó fi álífábẹ́ẹ̀tì èdè orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ kọ́ Yorùbá ń kọ ɛ níbi tí a ti ń kọ ẹ. Lójú ẹ̀rọ, ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín àwọn méjì yìí. A lè tú ẹ sí e àti àmì ìsàlẹ̀, nítorí náà ẹ̀rọ tó bá ń yọ àmì kúrò lè so Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pọ̀ mọ́ "gelede" tí ènìyàn tẹ̀. Ṣùgbọ́n ɛ jẹ́ lẹ́tà gédégédé. Kò ṣeé tú sí e kankan. Ẹni tó bá kọ Gɛlɛdɛ nìkan lè má pàdé ẹni tó tẹ̀ "gelede" láéláé.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní a ní fídíò méjìlá tí a gbà sílẹ̀ ní Kétu, orin Ẹ̀fẹ̀ tòru àti ijó ọ̀sán. Àkọlé tí a ó fún wọn nìyí:

```
Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Kétu (Guèlèdè, Kétou, Bénin): orin Ẹ̀fẹ̀ àti ijó ọ̀sán
```

YouTube gbà títí dé 150 lẹ́tà nínú àkọlé, ṣùgbọ́n nǹkan bí 60 ni Google sábà máa ń fi hàn kó tó gé e. Àkọlé yìí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ lójú. Ohun tí ènìyàn ń wá ló ṣáájú, ibẹ̀ ló tẹ̀ lé e, irú ohun tó wà nínú rẹ̀ ló kẹ́yìn. Tí wọ́n bá tilẹ̀ gé ìparí rẹ̀, orúkọ ìlú àti ti orílẹ̀-èdè ti jáde.

Ní ti àlàyé, àyè 5,000 lẹ́tà wà, ṣùgbọ́n gbólóhùn àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù, nítorí ó lè jẹ́ òun ni Google yóò fi sábẹ́ àkọlé. Ẹ fi èdè Faransé kọ ọ̀kan náà tẹ̀ lé ti Yorùbá:

```
Orin Ẹ̀fẹ̀ àti ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ (Gelede, Gɛlɛdɛ) ní ìlú Kétu, Bénin. Fídíò 12, láti òru dé ọ̀sán.
Chants Èfè et danses Guèlèdè à Kétou, département du Plateau, Bénin.
```

Lẹ́yìn èyí, ẹ sọ ọdún tí a gbà á sílẹ̀, irú ẹ̀ka-èdè tí wọ́n ń sọ, àti bí a ṣe tò ó. Ẹ lè fi kún un pé UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001, tí ó sì wọ ìwé àjogúnbá aráyé ní 2008 lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Olùwádìí lè tẹ orúkọ yẹn. Ṣùgbọ́n gbólóhùn ni kí ẹ kọ. Kíkó ọ̀rọ̀ jọ bí ìlẹ̀kẹ̀, "Gelede Ketu Yoruba Benin Nago", lòdì sí òfin YouTube, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àkọlé tó ṣèlérí ohun tí kò sí nínú àtòjọ.

Àṣìṣe kan wà tí kì í hàn. Ẹ wo líǹkì méjì yìí:

```
https://www.youtube.com/watch?v=...&list=PL...
https://www.youtube.com/playlist?list=PL...
```

Èyí àkọ́kọ́ ni ènìyàn máa ń dà kọ nígbà tí fídíò bá ń lọ lọ́wọ́. Ojú ewé fídíò kan ni ó ń tọ́ka sí, ọ̀dọ̀ fídíò yẹn sì ni Google ń ka gbogbo iyì rẹ̀ sí. Èkejì nìkan ló ń tọ́ka sí àtòjọ. Òun ni kí ẹ fi sójú ewé ẹ̀ka wa àti sínú lẹ́tà tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ará Kétu.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ tẹ èyí sí Google:

```
site:youtube.com/playlist Guèlèdè Kétou
```

Tí tiyín bá jáde, Google ti mọ̀ ọ́n. Tí kò bá jáde, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá Public ni àtòjọ náà, kì í ṣe Unlisted tàbí Private; lẹ́yìn náà kí ẹ wò ó bóyá líǹkì kankan tọ́ka sí i. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo àtòjọ ni Google ń gbà wọlé, àkọlé dáradára kò sì lè gba àtòjọ oní-fídíò méjì là.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ń sọ pé kíkọ Kétou àti Guèlèdè jẹ́ títẹríba fún Faransé, pé Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn pípé nìkan ló yẹ. A bọ̀wọ̀ fún èrò wọn. Ṣùgbọ́n Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Kétu ló ṣáájú nínú àkọlé wa, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Inú àkámọ́ ni Faransé jókòó sí. Àwọn àgbà tó gbà wá láàyè láti ká orin wọn sílẹ̀ ní ọmọ ní Kutonú àti ní Párísì. Kétou ni àwọn ọmọ náà kọ́ láti máa kọ nílé-ìwé. Tí a bá fi Kétou pamọ́ fún wọn, ta ni a wá ń gba orin náà sílẹ̀ fún?