Ẹ má pa fọ́tò bàìbàì rẹ́ ní ọ̀sẹ̀ ìsìnkú

Ọ̀rọ̀ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nínú agbo ilé wa nígbà tí ìyá wa àgbà kú. Ó tún ti ṣẹlẹ̀ ní ilé méjì mìíràn tí a mọ̀ láti ìgbà náà, ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ èrò wa lórí rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì tí ìyá kú, a bẹ̀rẹ̀ sí í wá fọ́tò tí a ó fi sí ìwé ìkéde òkú àti pátákó ẹnu ọ̀nà. Méjì péré ni a rí. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n yà fún káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀. Ó mọ́ kedere, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní kí ó ṣí gèlè, kí ó má rẹ́rìn-ín, ó sì ń wò bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wí. Èkejì ni èyí tí ọmọ kékeré ilé fi fóònù ìyá rẹ̀ yà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, níbi tí ìyá àgbà ti ń dín àkàrà. Agbada hàn, abọ́ hàn, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ hàn. Ojú ìyá fúnra rẹ̀ ṣe bàìbàì, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì dà bí èéfín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ ni ó ń rín, irú ẹ̀rín tí ó máa ń fi orí sí ẹ̀gbẹ́ kan rín.

Ẹ̀gbọ́n wa tí ó ń darí ètò ìsìnkú wò ó, ó ní: "Ẹ pa á rẹ́, kí ẹnikẹ́ni má fi ránṣẹ́. Ìyá tí kì í dé ẹnu ọ̀nà láì wé gèlè, ṣé báyìí ni ẹ fẹ́ kí ayé rí i?" Àbúrò wa obìnrin dá a lóhùn pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ibẹ̀ nìkan ni ẹ̀rín wọn wà."

Lójú tiwa, àwọn méjèèjì ni wọ́n sọ òótọ́, nítorí iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń wá fọ́tò fún. Àwòrán òde wà, àwòrán ilé sì wà. Àwòrán òde ni àwọn àlejò yóò wò lórí pátákó, tí ẹni tí ó ti Kútọnu wá yóò fi mọ̀ pé ilé òkú tí òun ń wá ni òun dé. Ó gbọ́dọ̀ mọ́, ó sì gbọ́dọ̀ jọ ẹni náà. Àwòrán ilé kò ní àlejò kankan láti tẹ́ lọ́rùn. Àwọn tí ó mọ olóògbé ló ń wò ó, ohun tí kò sì hàn níbẹ̀, ọkàn wọn ni yóò parí rẹ̀.

Àwọn baba wa mọ ìyàtọ̀ yìí kí fọ́tò tó dé. Ní Ọ̀wọ̀, nígbà tí wọ́n bá ṣe àkó fún ẹni ńlá tí ó ti kú, wọ́n máa ń gbẹ́ ère náà kí ó jọ olóògbé, wọ́n á wọ aṣọ fún un, wọ́n á sì gbé e jáde kí gbogbo ìlú rí i. Ṣùgbọ́n ère ìbejì, tí ìyá máa ń wẹ̀, tí ó máa ń fún lóúnjẹ nínú yàrá, kì í jọ ọmọ tí ó kú. Ọmọ jòjòló ni ó kú, ère àgbàlagbà ni agbẹ́gilére gbẹ́, ìyá kò sì torí ìyẹn gbé e sọnù. Nígbà tí fọ́tò dé, ní Ìlá Ọ̀ràngún, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya wọ́n, onífọ́tò máa ń ya èyí tí ó kù, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan náà kí wọ́n lè tún jẹ́ méjì. Gbogbo ilé mọ̀ pé ojú ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n ń wò, síbẹ̀ wọ́n tọ́jú rẹ̀. Nítorí náà, fọ́tò àkàrà kì í ṣe òòbẹ̀ tí a fi ṣẹbọ nítorí pé a kò rí àdàn. Iṣẹ́ tirẹ̀ wà lọ́tọ̀.

Kí ẹ tó pinnu lórí fọ́tò bàìbàì, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ó sọ ọ́ di bàìbàì. Bí gbogbo nǹkan inú rẹ̀, ènìyàn àti ògiri, bá fà sí ọ̀nà kan náà, ọwọ́ ẹni tí ó yà á ló mì. Bí ògiri bá dúró, tí ènìyàn nìkan ṣe bàìbàì, ẹni tí wọ́n ń yà ló ń rìn tàbí tí ó ń ṣiṣẹ́. Bí ìyá wa ṣe rí nìyẹn. Ní ọ̀sán gangan, ojú ẹ̀rọ fóònù lè má là ju ìdá kan nínú 100 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ti dínkù, ó lè là tó ìdá kan nínú 10. Láàárín ìyẹn, ọwọ́ tí ó ń yí àkàrà ti rìn jìnnà. Kò sí ẹni tí ó lè dá ojú tí ẹ̀rọ kò rí padà. Ohun tí ó wà níbẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n irú kẹta wà, òun ni ó sì ṣe pàtàkì jù. Bí ẹ bá fẹ ojú olóògbé, tí ẹ rí àwọn igun kéékèèké bí bíríkì tí wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ̀dà tí a dà kọjá ààlà ló bà á jẹ́. Irú èyí ní àtúnṣe, bí ẹ bá rí fọ́tò àkọ́kọ́.

A rí èyí nílé wa. Fọ́tò tí ẹ̀gbọ́n ní kí a pa rẹ́ ti gba orí WhatsApp kọjá lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́rin, ẹnìkan nínú wọn sì ti ya ojú fóònù rẹ̀ dípò kí ó fi fọ́tò náà gan-an ránṣẹ́. Àbúrò wa lọ bá ìyá ọmọ tí ó yà á, ó bẹ̀ ẹ́ kí ó tan fóònù àtijọ́ náà. Fọ́tò àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ọwọ́ ìyá ṣì dà bí èéfín, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ hàn, ilà ojú rẹ̀ hàn, a sì rí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí tẹ́lẹ̀. Ìdajì bàìbàì tí a ń bá jà, àwa la fi ọwọ́ ara wa dá a sílẹ̀.

Ohun tí ó fà á ni pé WhatsApp máa ń dín fọ́tò kù kí ó lè tètè lọ. Fọ́tò tí ó gùn tó 4000 píkísẹ́lì, ìyẹn àwọn ẹyọ àwọ̀ tíntìntín tí fọ́tò fi di fọ́tò, máa ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí ní nǹkan bí 1600. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí ó dínkù, ẹ má fi ránṣẹ́ bí fọ́tò. Ẹ tẹ Document, kí ẹ wá mú fọ́tò náà láti ibẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà kan sínú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù ẹlòmíràn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí fóònù ń bọ́ sómi, olè sì ń jí i.

Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ẹ jẹ́ kí ó kéré. Fọ́tò tí ó gùn tó 1600 píkísẹ́lì yóò dára lórí ìwé tí ó gùn ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 13. Bí ẹ bá fẹ̀ ẹ́ dé sẹ̀ǹtímítà 42, gbogbo àléébù rẹ̀ ni yóò gòkè wá. Bàìbàì tí kò dunni lójú lórí ìwé kékeré máa ń di ìtìjú lórí pátákó. Ibẹ̀ ni a gbà fún ẹ̀gbọ́n wa: fọ́tò àkàrà kò yẹ fún ẹnu ọ̀nà.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tí yóò ní àwọn lè fi kọ̀ǹpútà "fọ ojú" rẹ̀ mọ́. Ibi tí fọ́tò kò bá ní ojú, wọn yóò fi ojú síbẹ̀, ojú yẹn kì yóò sì jẹ́ ti ìyá yín. Ní ọ̀kan nínú àwọn ilé méjì tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fi awọ dídán àti eyín funfun lé bàbá arúgbó lórí, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ sì ń béèrè ta ni. Èyí tí ó burú jù ni pé wọ́n ti pa fọ́tò àkọ́kọ́ rẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ̀dà ni kí ẹ gbé fún wọn, kí ẹ sì kọ ọ́ sí i pé wọ́n ti tún un ṣe.

A kò sọ pé kí ẹ tọ́jú gbogbo rẹ̀ o. Bí ẹ bá ní ogójì fọ́tò bàìbàì láti ọjọ́ ìgbéyàwó kan ṣoṣo, ẹ mú méjì tàbí mẹ́ta tí ó tó. Fọ́tò orí ibùsùn àìsàn, tí olóògbé kò mọ̀ pé wọ́n ń ya òun, tí aṣọ kò sì bò ó dáadáa, ẹ jẹ́ kí ó lọ bí ó tilẹ̀ mọ́ kedere. Ìbéèrè tí àwa fi ń yàn ni èyí: kí ni fọ́tò yìí mọ̀ nípa rẹ̀ tí èyí tí ó mọ́ kò mọ̀? Bí kò bá sí ìdáhùn, ẹ pa á rẹ́. Bí ó bá wà, ẹ kọ ìdáhùn náà sí ẹ̀yìn fọ́tò pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó yà á, ibi tí wọ́n wà, àti ọdún rẹ̀. Ìdí ni pé fọ́tò bàìbàì kò lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Àwa tí a mọ olóògbé ni a ń sọ ọ́ fún un, àwa náà yóò sì lọ lọ́jọ́ kan. Ẹ má sì ṣe ìyàn yìí ní ọ̀sẹ̀ ìsìnkú, nígbà tí orí ń gbóná, tí ẹni tí ó ń darí ètò ń ro ojú ayé. Ẹ dúró di ìgbà tí àlejò bá ti lọ tán.

Fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ ni a fi sí pátákó, ẹ̀gbọ́n wa sì ní kí onífọ́tò fi gèlè tí ó bá a mu sí i. A tẹ fọ́tò àkàrà sórí ìwé kékeré, a sì fi sí yàrá ìyá. Ní oṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí wọn kò bá ìyá láyé béèrè ìdí tí ọwọ́ ìyá kò fi sí nínú fọ́tò. Ẹ̀gbọ́n wa fúnra rẹ̀ ló dá a lóhùn: "Ọwọ́ wọn wà níbẹ̀, ọmọ mi. Àkàrà ni wọ́n ń yí."